Owó ìrànwọ́ ku oṣù 3, ṣọ́ọ̀bù ìkọ́ṣẹ́ àdìrẹ wa ní Kẹ́mta ńkọ́?

Aláró Kẹ́mta (Mọ́ńdè, àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ alábẹ́là ní Kẹ́mta, l'Ábẹ́òkúta. À ń ta aṣọ sí Ìtòkú, à ń kó lọ fún àwọn oníbàárà l'Ékòó náà. Yàtọ̀ sí ọjà, à ń kọ́ àwọn obìnrin tí ọkọ wọn kú tàbí tó pa wọ́n tì níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, 12 lẹ́ẹ̀kan, fún oṣù 4. Onígbọ̀wọ́ kan ń fún wa ní ₦400,000 lóṣù fún oṣù 18, ó ti ku oṣù 3. Wọ́n ní kí n kọ ìjábọ̀ ohun tí owó wọn ṣe, kí n sì fi ètò bí a ó ṣe dá dúró lẹ́yìn wọn sí i. Obìnrin 36 ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ẹgbẹ́ kẹrin wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Aṣọ ń tà, àmọ́ tóṣù bá parí n kì í rí nǹkan kan mú. Kí ni kí n kọ? Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é tí iṣẹ́ àánú ò fi ní pa ọjà, tí ọjà náà ò sì ní pa iṣẹ́ àánú?

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Obìnrin 36! Ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Ìyẹn ni kí ẹ gbé síwájú. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ jẹ́ kí ìyá kan sọ ìtàn ara ẹ̀, wọ́n máa ń fẹ́ràn irú ẹ̀. Ti owó, ẹ pín ìwé ìṣirò sí méjì, ti ọjà lọ́tọ̀, ti ìkọ́ṣẹ́ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ₦500 lé orí dìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ń ta 200 lóṣù, ₦100,000 nìyẹn láìlàágùn.

Ìyá Ìtòkú

Láìlàágùn kẹ̀? Ọmọ mi, má dá a lóhùn. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa lórí àtẹ. Ẹni tó mọ aṣọ á yí i padà wo ẹ̀yìn. Tiwa, aró ti mu ún dé òdìkejì, o ó sì rí ibi tí àbẹ́là ti sán tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá, àmì rẹ̀ á sì bára mu jù. Àmọ́ mélòó ló ń yí aṣọ wò nínú wọn? Ẹni tó fẹ́ ra 20 fún aṣọ ẹbí, ₦500 yẹn ló máa gbé e lọ sí ìsọ̀ kejì. Mo ti dán an wò rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó ti aṣọ kí n tó dá owó náà padà síbi tó wà.

Sisí Pánsẹ́kẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀? Tó bá jẹ́ irú iléeṣẹ́ tí kò ní ìpín ìdókòwò lẹ fi forúkọ, òfin iléeṣẹ́ ọdún 2020 ò gbà kí ẹ pín èrè láàrin ara yín. Ẹ lọ yanjú ìyẹn ná.

Aláró Kẹ́mta

Sisí, ẹ ṣé o. A ti forúkọ sílẹ̀ tipẹ́, a ò sì pín èrè kankan. Èrè wo la fẹ́ pín? Ìyẹn gan-an ni mò ń bá kiri. Ìyá, mo gbọ́ yín lórí owó aṣọ.

Oníṣirò Asérò

Àbúrò, mo ti jókòó sídìí tábìlì tí irú ìjábọ̀ yìí ń wọlé sí fún ọdún mélòó kan, nítorí náà mo mọ ohun tí wọ́n máa ń fojú fò àti ohun tí wọ́n máa ń fi ìka tẹ̀ lé. Ọmọ Ìjẹmọ̀ tọ̀nà lórí pípín ìwé sí méjì. Ẹ kọ́kọ́ fún mi ní nǹkan mẹ́ta: èló ni ẹ ń ta dìpọ̀ oníyáàdì 5, èló ló ń wọ inú dìpọ̀ kan kó tó di títà, àti èló lẹ ń ná lóṣù yálà ẹ tà tàbí ẹ ò tà. Lẹ́yìn náà, ìnáwó ìkọ́ṣẹ́ lóṣù. Ẹ má fi ojú bù ú o, ẹ ṣí ìwé.

Aláró Kẹ́mta (Mọ́ńdè, alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣí ìwé. À ń ta ₦9,500. Aṣọ funfun ₦5,200, aró àti sódà àti háídírósọ̀ ₦900, àbẹ́là àti gáàsì ₦400, owó ọwọ́ òṣìṣẹ́ ₦1,000. Dìpọ̀ 200 là ń tà lóṣù. Owó ilé, omi, epo jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀, owó alábòójútó àti àwọn kéékèèké, ₦300,000.

Ìkọ́ṣẹ́: owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ₦1,000 lójúmọ́ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 22 lóṣù. Olùkọ́ ₦80,000. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ń fi dìpọ̀ 2 kọ́ ọwọ́ lóṣù.

Oníṣirò Asérò

Ó dáa. ₦7,500 ló ń wọ inú dìpọ̀ kan, ó ń ṣẹ́ ₦2,000 kù. Ìlọ́po 200 jẹ́ ₦400,000. Ẹ yọ ₦300,000 kúrò, ₦100,000 ló kù. Ọjà yín ò kú. Ọjà tó ń rìn ni.

Ìkọ́ṣẹ́ wá ńkọ́? Ọkọ̀ àti oúnjẹ fún èèyàn 12 jẹ́ ₦264,000. Olùkọ́ ₦80,000. Dìpọ̀ 24 tí wọ́n fi ń kọ́ ọwọ́, aṣọ àti aró àti àbẹ́là rẹ̀ jẹ́ ₦156,000. Gbogbo ẹ̀ ₦500,000. Onígbọ̀wọ́ ń gbé ₦400,000, ọjà yín ń gbé ₦100,000. Ẹ rí ibi tí owó yín ń gbà lọ? Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àmọ́ mo ń wá nǹkan kan nínú ₦300,000 yẹn, n ò rí i. Owó oṣù tiyín dà?

Aláró Kẹ́mta

Ẹ̀gbọ́n… n kì í san owó fún ara mi. Mo máa ń mú nínú ti ọjà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé.

Oníṣirò Asérò

Ẹ̀yin ni onígbọ̀wọ́ kejì nìyẹn, tí ìwé kankan ò dárúkọ. Tí ẹ bá ṣàìsàn lọ́la, tí ẹ gba ẹlòmíràn síbẹ̀, ó máa gba owó. A ó padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ 36 ná. Iye àwọn tó wọlé nìyẹn. Mélòó ló parí? Mélòó ló ṣì ń fi iṣẹ́ náà jẹun lẹ́yìn oṣù 6? Ìbéèrè kejì yẹn ni ẹni tó bá mọṣẹ́ níbi onígbọ̀wọ́ máa bi yín. Ẹgbẹ́ kẹta ò tíì pé oṣù 6 tí wọ́n jáde, ẹ má kà wọ́n mọ́ ọn. Ẹ fóònù ẹgbẹ́ kìíní àti ìkejì. Ẹ má bi wọ́n pé “ṣé iṣẹ́ ń lọ?” torí wọ́n máa dá yín lóhùn pé “a dúpẹ́”. Ẹ bi wọ́n pé: lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí lo tà, èló lo fi ra ohun èlò, èló ló kù lọ́wọ́ ẹ?

Bàbá Gàrí Ọ̀dẹ̀dá

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ọkàn mi ń lù. Ohun tó pa ẹgbẹ́ wa nìyí. Àwọn kan fún wa lówó láti fi ra ẹ̀rọ tó ń fún ẹ̀gẹ́, kí a sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ìgbà tí ẹ̀gẹ́ wọ́n, a yá owó ìkọ́ṣẹ́ ra ẹ̀gẹ́, a ní nígbà tí gàrí bá tà a ó dá a padà. Oníbàárà kan gbé gàrí wa lọ, ó ní òun á san lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ di oṣù mẹ́ta. Ìjábọ̀ dé, owó ìkọ́ṣẹ́ ò sí nílé. Lórí ìwé, a jèrè o! Inú àpò ni kò sí nǹkan. Ọmọ mi, ìwé méjì kò tó. Ṣí àpò méjì ní báńkì.

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé kí èèyàn máa fọwọ́ ara ẹ̀ ta ara ẹ̀ níwájú onígbọ̀wọ́. Tó bá fóònù tó rí i pé mélòó kan ló kù, ṣé ó máa kọ ọ́ ni?

Aláró Kẹ́mta (Ọjọ́bọ̀)

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fóònù, àwọn tí nọ́ńbà wọn ò lọ, mo fi ẹsẹ̀ wá wọn. Ẹgbẹ́ kìíní àti ìkejì, 24 wọlé, 21 parí. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi sílẹ̀, méjì nínú wọn sọ pé kò sẹ́ni tó ń bá wọn mú ọmọ. Nínú 21, àwọn 9 ló ṣì ń fi àdìrẹ jẹun. Mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mẹ́rin lọ́dọ̀ àwọn aláró mìíràn, méjì ń dá ṣe. Ojú tì mí. Mo rò pé wọ́n máa tó 18.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dá ṣe ní òun ta ₦54,000 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo yọ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo wá béèrè ti ohun èlò bí ẹ ṣe wí, dìpọ̀ 6 ni, ₦39,000 ló ti wọ inú ẹ̀.

Oníṣirò Asérò

Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. ₦15,000 ló kù sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Kí ló ń ṣe kó tó wá sọ́dọ̀ yín?

Aláró Kẹ́mta

Ògì ló ń tà. Ó ní òun ń rí bíi ₦6,000 lọ́sẹ̀.

Oníṣirò Asérò

Nítorí náà ohun tí iṣẹ́ yín fi kún ti ìyá yìí jẹ́ ₦9,000 lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó bá kọ ₦54,000 ti kọ iye tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. ₦6,000 ti ògì náà, inú ìrántí ló ti wá, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìjábọ̀, torí èèyàn kì í rántí owó tó ti ná. Láti ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé, kí wọ́n tó fọwọ́ kan àbẹ́là.

Ó ku ìbéèrè kan tó le jùyí lọ. Nínú àwọn 9 yẹn, mélòó ni ì bá ti rí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ̀yin? Ṣé ẹ ní orúkọ àwọn tó wá tí àyè ò gbà?

Aláró Kẹ́mta

Mo ní orúkọ 14 tó ń dúró nígbà ẹgbẹ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n.

(Ó ti di alẹ́.) Mo bá 10 nínú wọn sọ̀rọ̀. Méjì ti lọ kọ́ aró níbòmíràn, wọ́n sì ń jẹun níbẹ̀.

Oníṣirò Asérò

Ẹ wò ó báyìí. Nínú 10 tí ẹ ò gbà, 2. Tiyín, 9 nínú 24. Ẹ má fi 21 ṣe ìṣirò, torí àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wà lára àwọn tí a náwó lé lórí. 9 nínú 24 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 nínú 10. Ìyàtọ̀ yẹn, tí kò tó 2 nínú 10 tán, ni ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ti ọwọ́ yín wá. Ìyẹn bí obìnrin 4 nínú 24. Kí ẹ kọ ọ́ pé èèyàn 10 kéré, ó lè jẹ́ pé àwọn tó kọ́kọ́ dé tí àyè gbà ló ní ìtara jù. Ẹni tó bá kọ ìjábọ̀ báyìí, mo máa ń ka tirẹ̀ dé òpin.

Kí ẹ sì ya àwọn mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín sọ́tọ̀. Tí ṣọ́ọ̀bù bá ti ilẹ̀kùn, iṣẹ́ tiwọn náà parí. Kò jọ ti mẹ́rin tó wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Ó yé mi díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa gba àwọn tó ti mọ aṣọ rírán tẹ́lẹ̀. Iye àwọn tó máa jẹun nínú ẹ̀ á gòkè kíá.

Oníṣirò Asérò

Ohun tó máa ń ba irú iléeṣẹ́ yìí jẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura nìyẹn. Nọ́ńbà á gòkè, àmọ́ àwọn tó ń bọ̀ kò nílò yín mọ́. Ẹ lè fi ọjọ́ tí wọ́n dé mọ̀ ọ́n: tí owó tí àwọn tó ń wọlé ń rí lọ́sẹ̀ bá ń ga sí i láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, ẹ ti ń ṣa èyí tó rọrùn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní nìyẹn pẹ̀lú.

Ó yá, owó. Ìkọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́ méjì yẹn gba ₦500,000 lóṣù fún oṣù 8, ₦4,000,000. Lórí àwọn 24 tó wọlé, nǹkan bí ₦167,000 ni ẹnìkọ̀ọ̀kan. Lórí àwọn 9, ó ju ₦444,000 lọ. Nọ́ńbà méjèèjì yìí ni kí ẹ kọ síwájú ìjábọ̀, ìkejì pàápàá.

Ètò tí mo rò: kí ẹ máa gba 6 dípò 12, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ìnáwó oṣù kan á di ₦290,000, torí owó olùkọ́ kò dínkù. Oṣù 8 jẹ́ ₦2,320,000 lọ́dún. Ẹ ó rí i pé orí ẹnìkọ̀ọ̀kan á wọ́n sí i, nǹkan bí ₦193,000, mo mọ̀. Ohun tí apá yín lè ká ni mò ń wá. Kí ẹ sì wá san ₦80,000 lóṣù fún ara yín, ọjà á wá ṣẹ́ ₦20,000 kù lóṣù, ₦240,000 lọ́dún. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin ìkọ́ṣẹ́, àwọn obìnrin yẹn ti mọwọ́. Ṣé ẹ lè ta 8 nínú dìpọ̀ 12 tí wọ́n ń ṣe?

Ìyá Ìtòkú

Mo máa gbà á ní ₦7,500, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí ojú rẹ̀ ò mọ́ tó. Àwọn aránṣọ tó ń fi àdìrẹ ṣe báàgì ń béèrè irú ẹ̀. Àmọ́ kí ẹ má kó o mọ́ èyí tó dáa o, orúkọ yín á bàjẹ́.

Oníṣirò Asérò

₦60,000 lóṣù, oṣù 4 lọ́dún, ₦240,000 nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kíláàsì Sátidé fún àwọn tó lè sanwó. Àwọn ará Èkó àti ọmọ yunifásítì máa ń wá wo Ìtòkú, wọ́n sì fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe aṣọ kan mú lọ. ₦25,000 lọ́jọ́, ohun èlò ₦8,000, ó ku ₦17,000. Ẹnì kan péré lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦884,000 lọ́dún.

Ẹ yọ gbogbo ẹ̀ nínú ₦2,320,000, ó ku ₦956,000 tí a ò rí. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú owó oṣù yín lọ́dún. Ètò yìí á lè dá dúró láìsí onígbọ̀wọ́ tí ẹ bá tún ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe é. Onígbọ̀wọ́ ń fún yín ní ₦4,800,000 lọ́dún báyìí. Ẹ sọ fún wọn pé ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ lẹ ń béèrè, fún ìkọ́ṣẹ́ nìkan, inú àpò tirẹ̀, bí Bàbá ṣe wí.

Bàbá Gàrí Ọ̀dẹ̀dá

Ó dáa, àmọ́ owó ìpamọ́ ńkọ́? Bí aṣọ funfun bá wọ́n lójijì, níbo ló máa dúró? Mo rí i pé kò ku kọ́bọ̀.

Oníṣirò Asérò

Bàbá, ẹ mú mi. Kò kù lóòótọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá rí ibi tí a lè yọ ọ́, kó sọ.

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Ẹ dín owó ọkọ̀ àti oúnjẹ sí ₦500.

Aláró Kẹ́mta

Rárá o. A dán an wò lọ́sẹ̀ méjì nígbà tí owó onígbọ̀wọ́ pẹ́. Àwọn tó ń ti Láfẹ́ńwá rìn wá ló kọ́kọ́ dẹ́kun wíwá. Àwọn gan-an ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún.

Ìyá Ìtòkú

Èmi ò sì fara mọ́ ẹnì kan lọ́sẹ̀ ti kíláàsì Sátidé yẹn. Ní oṣù kẹfà, ìkeje àti ìkẹsàn-án, òjò ò ní jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Ara Èkó wo ló máa dúró de aṣọ tútù? Ẹ ka oṣù mẹ́sàn-án ná.

Sisí Pánsẹ́kẹ́

Ẹ má bínú, mo ṣi ìbéèrè kà níjọ́sí. Àmọ́ mo ní ọ̀kan: omi aró tí ẹ ń dà nù ńkọ́? Sódà àti háídírósọ̀ yẹn, inú gọ́tà ló ń wọ̀. Ṣé ìyẹn ò sí nínú ohun tí iṣẹ́ yín ń ṣe fún ìlú?

Oníṣirò Asérò

Sisí, ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ ire nìkan kò tíì jábọ̀. Àbúrò, ó kéré tán ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ń da ìkòkò aró nù lóṣù, kí ẹ kọ ọ́. Bí ẹ ó ṣe tọ́jú omi náà, ẹlòmíràn ló máa mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Aláró Kẹ́mta (Sátidé)

Mo ka ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún lóṣù tó kọjá, gọ́tà ẹ̀yìn ilé sì ni gbogbo ẹ̀ gbà. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé kejì. Mo tún kíláàsì Sátidé ṣe sí oṣù 9 bí Ìyá ṣe wí, ẹnì kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 39, ó di ₦663,000, nítorí náà ohun tí mò ń béèrè gòkè sí ₦1,177,000. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Báńkì ti ṣí àpò kejì fún mi. Ìyá, dìpọ̀ 5 tí ẹgbẹ́ kẹrin ṣe lọ́sẹ̀ yìí ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la, ẹ bá mi yí ẹ̀yìn wọn wò.